Ìwé ọjà fámasì àti ọjọ́ ìparí oògùn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ń ta oògùn káàkiri Ìbàdàn, láti Mọ́kọ́lá dé Mólété, ni mo kọ èyí fún: ẹ̀yin apòògùn tí ẹ ni ṣọ́ọ̀bù, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí bírò ìwé ọjà wà lọ́wọ́ yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó yé wa dáadáa, òun náà ni bí ìwé ọjà ṣe lè sọ fún wa, nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe, pé oògùn kan kò ní tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

A ní ìwé tí a ń kọ ọjà sí. A ń kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde. Kí ló tún kù?

Ẹ wo bóyá orúkọ oògùn nìkan ni ìlà kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé náà ń sọ iye tó wà fún yín, kò sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa parí. Páàkì oògùn ibà 380 lè wà lórí pẹpẹ, kí 260 nínú rẹ̀ kù oṣù mẹ́fà péré, kí 120 tó kù sì ní ju ọdún kan lọ. Lójú ìwé tó mọ orúkọ nìkan, ọjà kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Báàṣì ni ó yẹ kí ìwé máa tẹ̀ lé. Báàṣì ni àwọn oògùn tí ilé-iṣẹ́ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń gbé, ọjọ́ ìparí kan náà sì ni wọ́n ní. Bí oògùn kan bá wọlé ní báàṣì méjì, ojú ewé méjì ni wọn, ó kéré tán ìlà méjì tí kò dà pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ìdí mìíràn tún wà tó ju owó lọ. Ní òpin ọdún 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí kẹ́míkà olóró dáyẹtilíìnì gílíkọ́ọ̀lì wọ inú rẹ̀ pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó lé ní 80 nílẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde, nọ́ńbà báàṣì wà lára ohun tí NAFDAC máa ń kéde pé kí wọ́n kó kúrò. Ẹni tí kò kọ nọ́ńbà sílẹ̀ kò lè sọ bóyá ọjà náà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, kò sì lè sọ ìgbà tí ó tà á.

Kí ni kí n fa ìlà fún nínú ìwé náà?

Kò pọ̀. Lókè ojú ewé, ẹ kọ orúkọ oògùn, agbára rẹ̀, bí wọ́n ṣe dì í (páàkì hóró 24, ìgò, sáṣẹ́ẹ̀tì), nọ́ńbà báàṣì àti ọjọ́ ìparí. Lẹ́yìn náà ni ìlà ọjọ́, ibi tí ọjà ti wá pẹ̀lú nọ́ńbà rìsíìtì, iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó ṣẹ́kù, àti àmì orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ yan òṣùwọ̀n kan, kí ẹ má sì yí i padà. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ «10» sí nígbà tí ọjà wọlé, tí páálí ni wọ́n ní lọ́kàn, tí ẹlòmíràn sì kọ «3» nígbà tó jáde, tí páàkì ni tirẹ̀. Kò sí ẹni tó lè tún ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, ó máa sú yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn oògùn kòṣeémàní tí àdúgbò yín ń béèrè lójoojúmọ́: oògùn ibà, parasitamọ́ọ̀lù, amọ́kísílìn, omi iyọ̀ àti síńkì fún ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, mẹtifọ́mìn fún àtọ̀gbẹ, amilodipíìnì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ìfàsímú fún ikọ́ fée. Bí ogún bá ti mọ́ yín lọ́wọ́, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Ara páàkì ni wọ́n kọ EXP 01/2026 sí. Ọjọ́ wo gan-an ni ó parí?

Ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2026. Bí wọ́n bá kọ oṣù àti ọdún nìkan, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nínú oṣù náà ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí wọ́n bá kọ ọjọ́ mọ́ ọn, ọjọ́ tí wọ́n kọ náà ni.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe oògùn àti ọjọ́ tí ó máa parí máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lẹ́tà wọn sì kéré. Ẹni tó ń kánjú á kọ ti MFD sí ibi ti EXP. Bí ọjọ́ tí ẹ kọ bá ti kọjá ní ọjọ́ tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ tún páàkì náà wò kí ẹ tó bínú sí ẹni tó tà á fún yín. Ẹ wo ara sáṣẹ́ẹ̀tì inú páàkì pẹ̀lú. Bí ọjọ́ ara rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìta, tàbí tí wọ́n ti fá a, tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn, ọjà náà kò gbọdọ̀ wọ orí pẹpẹ.

Nínú ìwé tiyín, ẹ kọ ọdún ní kíkún, kí ẹ sì kọ oṣù ní ọ̀rọ̀. «03/04/26» lè jẹ́ oṣù kẹta, ó sì lè jẹ́ oṣù kẹrin.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé oògùn kan kò ní tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ìwé náà wà fún. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ nílò: iye tó wà nínú báàṣì, iye oṣù tó kù fún un, àti iye tí ẹ ń tà lóṣù. Ẹ fi iye tí ẹ ń tà lóṣù lọ́nà iye oṣù tó kù, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú iye tó wà. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, ohun tó ṣẹ́kù yẹn ni ó máa lọ́jọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi fámasì kan ní Mọ́kọ́lá ṣe àpẹẹrẹ. Oògùn ibà tó ní atemítà àti lumefántírìn nínú, páàkì hóró 24 ti àgbàlagbà, ni à ń wò. Wọ́n ka ọjà ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù keje, ọdún 2025. Báàṣì àkọ́kọ́ ku páàkì 260, yóò sì parí ní òpin oṣù kìíní, 2026. Báàṣì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, 120 ni, òpin oṣù kọkànlá, 2026, ni yóò parí. Ní oṣù karùn-ún wọ́n ta 38, oṣù kẹfà 44, oṣù keje 50. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 132. Bí a bá pín in sí mẹ́ta, 44 ni lóṣù kan.

Oṣù mẹ́fà ló kù fún báàṣì àkọ́kọ́. Mẹ́fà lọ́nà 44 jẹ́ 264. Ó ju 260 lọ, nítorí náà ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní kò séwu.

Ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni oṣù mẹ́ta tó fi ṣírò. Ẹ̀fọn pọ̀ nígbà náà, ibà pọ̀, oògùn ibà sì ń tà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà ẹni tó ń kọ ìwé ṣí ìwé ọdún tó kọjá. Láti oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, wọ́n ta bíi 44 lóṣù. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, 26 péré ni. Ìṣirò tuntun wá di 132 pẹ̀lú 78, ìyẹn 210. Yọ 210 kúrò nínú 260: àádọ́ta páàkì ni kò ní rí ẹni rà á. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni ìwé ti sọ ọ́.

Ohun kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ. Ká ní ọmọ iṣẹ́ to báàṣì tuntun síwájú, nítorí pé páálí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì súnmọ́ ọwọ́. Ní òpin oṣù kẹwàá wọ́n á ti ta 132: gbogbo 120 ti tuntun, àti 12 péré nínú ti àtijọ́. Ti àtijọ́ á ṣẹ́ku 248. Oṣù mẹ́ta tó kù, 78 ni wọ́n á tà. Ní òpin oṣù kìíní, 170 páàkì ni wọ́n á kó kúrò lórí pẹpẹ. Bí a bá sọ pé 2,000 náírà ni wọ́n ra páàkì kan, 340,000 náírà ló ṣègbé. Tí wọ́n bá ta ti àtijọ́ ṣáájú, 100,000 ló wà nínú ewu, wọ́n sì ṣì ní oṣù mẹ́fà láti fi wá nǹkan ṣe sí i. Oògùn kan náà, oníbàárà kan náà, iye kan náà ni wọ́n tà. Bí wọ́n ṣe to pẹpẹ nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan tó sábà máa ń da ìṣirò yìí rú: oṣù tí oògùn tán lórí pẹpẹ. Bí ẹ bá ta 20 ní oṣù kan, tí oògùn náà kò sì sí nílẹ̀ fún ọjọ́ 15, kì í ṣe 20 ni àdúgbò nílò. Ẹ pín 20 sí ọjọ́ 15 tí oògùn wà nílẹ̀, kí ẹ sì fi 30 lọ́nà rẹ̀. Ó di 40. Nítorí náà ẹ máa kọ ọjọ́ tí oògùn tán àti ọjọ́ tó padà dé.

Báwo ni mo ṣe lè rí i dájú pé èyí tó máa kọ́kọ́ parí ló ń kọ́kọ́ jáde?

Ẹ má gbé e lé orí ìrántí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọjà tuntun bá dé, ẹ kó ti àtijọ́ jáde, ẹ ti tuntun sẹ́yìn, kí ẹ tó dá ti àtijọ́ padà síwájú. Ẹ fi máákà kọ oṣù àti ọdún ìparí gàdàgbà sára páálí, níbi tí ẹni tó dúró lè ti rí i.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ohun tó kọ́kọ́ wọlé ń kọ́kọ́ parí. Àwọn tó ń kó ọjà fún wa lè gbé èyí tó ku oṣù márùn-ún wá lónìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé èyí tó ku ọdún méjì wá lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ ìparí ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́ tó wọlé.

Ìwé ti sọ pé àádọ́ta máa ṣẹ́kù. Kí ni kí n wá ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ dá rírà rẹ̀ dúró, kódà bí aṣojú ilé-iṣẹ́ bá mú ẹ̀dínwó wá. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tó tà á fún yín. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba ọjà padà tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bí oṣù tó kù bá ṣì pọ̀ díẹ̀. Bó bá ku oṣù kan, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Ó dára kí ẹ béèrè ìlànà wọn lórí èyí ní ọjọ́ tí ẹ ń rà á, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára rìsíìtì.

Bí ìyẹn kò bá bọ́ sí i, ẹ wá fámasì ẹlẹgbẹ́ yín tàbí ilé ìwòsàn tí aláìsàn pọ̀ sí ju tiyín lọ, kí ẹ sọ ọjọ́ ìparí fún wọn láìfi pamọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà báàṣì sínú ìwé pé ó ti lọ síbẹ̀. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ máa fún ẹni tí kò ní ibà ní oògùn ibà kí ọjà lè tán. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó tà á, bí ẹ ti máa ń ṣe.

Ọ̀gá wa fẹ́ ra oògùn tó ku oṣù mẹ́rin nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa bá wọn sọ ọ́?

Ẹ gbé ìwé síwájú wọn. «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ìlà yìí. Ogún là ń tà lóṣù, oṣù mẹ́rin ló kù fún un, 80 la lè tà. Méjìlélógójì sì ti wà nílẹ̀ tó máa parí ní àkókò kan náà. Bí a bá ra ju 38 lọ, ó máa kù mọ́ wa lọ́wọ́.» Àgbà tó ń fi owó rẹ̀ ṣòwò kì í bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé 38 náà ni wọ́n máa rà, kí wọ́n sì jèrè rẹ̀. Oògùn tí oṣù rẹ̀ kéré kì í ṣe oògùn burúkú; iye tí ẹ rà ló lè burú.

Ṣé mo lè ta oògùn títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn?

Ó wà lọ́wọ́ iye ọjọ́ tí ẹni tó rà á máa fi lò ó. Hóró tó gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wọ ẹnu kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lo oògùn ibà tí mo sọ lókè, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí ìṣirò padà. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ yàtọ̀. Bí amilodipíìnì bá máa parí ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, màmá tó ń ra ti ọgbọ̀n ọjọ́ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní. Bàbá tó ń ra ti àádọ́rùn-ún ọjọ́ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú. Nítorí èyí, nínú ìṣirò oògùn alojoojúmọ́, ẹ máa yọ oṣù kan kúrò nínú iye oṣù tó kù, tàbí mẹ́ta bí àwọn oníbàárà yín bá ń kó o lọ́pọ̀.

Ṣé ìwé ni ó dára jù, àbí kọ̀ǹpútà?

Èyí tí ẹ máa kọ lójoojúmọ́ ni. Iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ, ìwé kì í lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Excel tàbí Google Sheets, ó máa bá yín ṣe ìṣirò náà. Ká ní iye tó wà nínú báàṣì wà ní D2, ọjọ́ ìparí ní E2, iye tí ẹ ń tà lóṣù ní F2. Ẹ kọ ọjọ́ ìparí sí E2 báyìí, á fún yín ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù náà; bó bá gbé nọ́ńbà lásán jáde, ẹ yí àpótí E2 sí Date:

```
=EOMONTH(DATE(2026,1,1),0)
```

Iye oṣù tó kù, ní G2:

```
=DATEDIF(TODAY(),E2,"m")
```

Iye tó máa ṣẹ́kù, ní H2:

```
=MAX(0,D2-F2*G2)
```

Bí ọjọ́ bá ti kọjá, G2 á gbé àṣìṣe jáde, ìyẹn sì tó láti sọ pé kí ẹ kó ọjà náà kúrò. Ẹ rántí pé báàṣì tó wà níwájú nìkan ni H2 bá mu. Fún báàṣì tó wà lẹ́yìn, ẹ ka oṣù rẹ̀ láti ìgbà tí ti iwájú bá tán, nítorí kò sẹ́ni tó máa rà á kí ìgbà náà tó dé. F2 náà kò mọ òjò yàtọ̀ sí ọyẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa yí i padà.

Ọjọ́ ara ìgò ṣì jìnnà, ṣùgbọ́n a ti ṣí i. Ṣé ọjọ́ yẹn ṣì dúró?

Rárá. Ọjọ́ ara páàkì wà fún ohun tí a kò tíì ṣí, tí a sì tọ́jú bí ilé-iṣẹ́ ṣe ní kí a tọ́jú rẹ̀. Lúbúlúbú amọ́kísílìn ọmọdé lè ní ọdún méjì nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti po omi mọ́ ọn, ọjọ́ méje ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Àwọn kan ń gba mẹ́rìnlá nínú fíríìjì, ẹ ka ara ìgò. Ìgò ínsúlíìnì tí a ti ṣí kì í sábà ju ọjọ́ 28 lọ. Bí ẹ bá ń ka hóró láti inú agolo ńlá sínú ọ̀rá kékeré, ẹ kọ báàṣì àti ọjọ́ ìparí sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan.

Ooru náà ń jẹ ọjọ́. «Má ṣe jẹ́ kó ju ìwọ̀n 30 sẹ́ńtígíréèdì lọ» ló wà lára ọ̀pọ̀ páàkì, ṣùgbọ́n ẹ gbé tẹmomítà sórí pẹpẹ òkè lábẹ́ páànù ní oṣù kẹta, kí ẹ wo ohun tó máa kà. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ to oògùn sí, kí ẹ fi òkè fún ọṣẹ àti pádì. Ti inú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8, ẹ máa kọ ohun tí tẹmomítà kà sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ́kísítósìn tí wọ́n ń fún abiyamọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya kò fara da ooru, kò sì sí àwọ̀ tàbí òórùn tó máa fi hàn pé agbára rẹ̀ ti dínkù.

Ìwé sọ 47, mo ka 43. Kí ni kí n kọ?

Ẹ kọ 43 sí ìlà tuntun, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ má pa 47 rẹ́. Ẹ máa ka ọjà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹni tó ń kà á má sì rí ìwé kí ó tó parí, nítorí ojú tó ti rí 47 á ka 47. Bí àìbáramu bá ń ṣẹlẹ̀ sí oògùn kan náà léraléra, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá wọ́n ń kọ títà báàṣì kan sí ojú ewé báàṣì kejì. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan á dín, èkejì á lé ní iye kan náà.

Ọjọ́ ti kọjá lórí àwọn kan. Ibo ni kí n kó wọn sí?

Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n kúrò lórí pẹpẹ, kí wọ́n sì wọ inú páálí tí ẹ kọ «KÌ Í ṢE TÍTÀ» sí, nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́. Nínú ìwé, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú iye tó ṣẹ́kù, ẹ kọ ìdí. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ wọn lọ́tọ̀: orúkọ, báàṣì, ọjọ́ ìparí, iye páàkì, iye owó. Àkọsílẹ̀ náà ni ẹ máa so mọ́ lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ní ìpínlẹ̀, kí wọ́n lè bá yín bójú tó bíba wọn jẹ́.

Ẹ má dà wọ́n sí ààtàn, ẹ má dà wọ́n sí ojú odò Ògùnpa. Àwọn ọmọdé ń ṣa nǹkan lórí ààtàn, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń wá páàkì tí kò tíì já, tí wọ́n á fá ọjọ́ ara rẹ̀, tí wọ́n á tún un tà. Kódà kí ẹ tó fi wọ́n sínú páálí, ẹ fa máákà dúdú gba ojú páàkì kọ̀ọ̀kan kọjá.